Bí mo ṣe ka ìtò lẹ́tà IBADAN àti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ń múra ìdánwò WAEC, wọ́n sì ní kí n bá àwọn ṣe pẹ́múteṣọ̀n àti kọ́mbinéṣọ̀n. Èyí tó ń dà wọ́n láàmù jù ni àwọn ìbéèrè tó ní "ṣùgbọ́n" nínú: ẹ to lẹ́tà, ṣùgbọ́n àwọn kan ò gbọdọ̀ fara kan ara wọn, ẹ yan ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ò gbọdọ̀ dín ní méjì. Mo jókòó, mo kọ ìbéèrè méjì sílẹ̀, mo sì wá ìdáhùn sí ìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì kí n tó gbé wọn síwájú àwọn ọmọ.

IBADAN ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Àyè àkọ́kọ́ lè gba èyíkéyìí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èkejì lè gba márùn-ún tó kù, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ọ̀kan, èyí tó fún wa ní 6! = 720. Ṣùgbọ́n A méjì ló wà níbẹ̀. Mo fi bírò pupa kọ ọ̀kan, mo fi búlúù kọ èkejì, mo sì pààrọ̀ wọn: àwọ̀ ló yí, ohun tí à ń kà kò yí. Ìyẹn ni pé ìtò kọ̀ọ̀kan ti wọ inú 720 lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbọ́dọ̀ fi 2 pín in. Ó ku 360.

Lẹ́yìn náà ni mo fi òfin kún un: fáwẹ́lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, I, A àti A, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo dì wọ́n pọ̀ bí ẹrù kan. Ohun tí a ó tò wá di mẹ́rin: ẹrù yẹn, B, D àti N. 4! jẹ́ 24. Nínú ẹrù náà, ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà: IAA, AIA, AAI. 24 lọ́nà 3 jẹ́ 72.

Òfin kejì ni mo fẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ wò: kí fáwẹ́lì méjì kankan má ṣe fara kan ara wọn. Nígbà tí mo kọ ọ́ sójú pátákó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ti dáhùn kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ yọ 72 kúrò nínú 360. Ó ku 288."

Mo ní kó wá kọ ìtò kan tó wà nínú 288 náà fún wa. Ó kọ IABDAN. Mo bi í léèrè bóyá I àti A àkọ́kọ́ fara kan ara wọn. Ó wò ó, ó ní, "Wọ́n fara kàn án, sà."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ máàkì nù. Òdìkejì "kí gbogbo wọn wà pọ̀" ni "kí gbogbo wọn má wà pọ̀", èyí sì gba méjì láàyè láti so mọ́ra níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kẹta bá ti wà lọ́tọ̀. Kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú "kí méjì kankan má fara kan ara wọn". Bí fáwẹ́lì bá jẹ́ méjì péré, òfin méjèèjì ìbá bá ara wọn mu, ìyọkúrò ìbá sì tọ̀nà. Láti orí mẹ́ta lọ sókè, wọ́n ti yàtọ̀.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo kọ́kọ́ to B, D àti N, ìyẹn ọ̀nà 6. Bí a bá kọ wọ́n sílẹ̀, àlàfo mẹ́rin ló yọ: ṣáájú ẹni àkọ́kọ́, láàárín ẹni kìíní àti ìkejì, láàárín ìkejì àti ìkẹta, àti lẹ́yìn ẹni ìkẹyìn. Àlàfo kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbà ju fáwẹ́lì kan lọ, nítorí náà a ó yan àlàfo 3 nínú 4, ọ̀nà 4 nìyẹn. Fáwẹ́lì mẹ́ta náà lè pín ara wọn sínú rẹ̀ ní ọ̀nà 3. 6 lọ́nà 4 lọ́nà 3 tún jẹ́ 72.

Pé 72 tún jáde mú mi fura. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kò kàn ṣèèṣì. Mo wá kọ F fún fáwẹ́lì àti K fún kọ́nsónáǹtì, mo sì ka ipò wọn nìkan. Èyí tí F kò ti fara kan F jẹ́ mẹ́rin: FKFKFK, FKFKKF, FKKFKF àti KFKFKF. Èyí tí F mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so pọ̀ náà jẹ́ mẹ́rin, nítorí pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti àyè kìíní, ìkejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin. Ipò F ní àpapọ̀ jẹ́ 20, ìkọ̀ọ̀kan sì gba ìtò 18. Ipò 12 tó kù ni èyí tí méjì ti so pọ̀ tí ẹ̀kẹta dá dúró: 216. 72, 72 àti 216 jẹ́ 360 gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo fi èyí hàn wọ́n, wọ́n rí i fúnra wọn pé 288 ọmọ náà ni 72 tó tọ̀nà pẹ̀lú 216 tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kan: ọkùnrin 5, obìnrin 4, wọ́n fẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin, obìnrin inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní méjì. Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ká yan obìnrin méjì ná, 4C2 = 6, ká tó yan méjì yòókù nínú èèyàn méje tó kù, 7C2 = 21. 6 lọ́nà 21 jẹ́ 126. Ó dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ẹ wo 9C4, iye ìgbìmọ̀ tí a lè yan láìsí òfin kankan: 126 náà ni. Òfin tó lé àwọn ìgbìmọ̀ ọlọ́kùnrin nìkan jáde gbọ́dọ̀ dín iye náà kù, nítorí náà 126 kò lè tọ̀nà.

Àkàtúnkà ló fà á. Ìgbìmọ̀ tó ní obìnrin mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé èyíkéyìí nínú méjì-méjì wọn lè jẹ́ "àwọn tí a kọ́kọ́ yàn". Èyí tó jẹ́ obìnrin mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo wá ka ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: obìnrin 2 àti ọkùnrin 2 jẹ́ 60, obìnrin 3 àti ọkùnrin 1 jẹ́ 20, obìnrin 4 jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Láti ọ̀nà kejì, nínú 126 mo yọ 5 tí kò ní obìnrin rárá, mo tún yọ 40 tó ní ẹyọ kan. 81 náà ló kù.

Ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Sà, tí tọkọtaya kan bá wà nínú wọn, tí wọn ò sì gbọdọ̀ jọ wọ ìgbìmọ̀ ńkọ́?" Mo ní ká ka ibi tí àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀, ká sì yọ ọ́. Bí wọ́n bá ti wọlé, èèyàn méjì ló kù láti yàn nínú obìnrin 3 àti ọkùnrin 4, obìnrin kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà nínú wọn: 21 yọ 6 jẹ́ 15. 81 yọ 15 jẹ́ 66. Ó fẹ́ rí i láti ọ̀nà míì, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀: tọkọtaya náà ò sí níbẹ̀ rárá, 22, ọkọ nìkan, 13, ìyàwó nìkan, 31. Ó ro wọ́n pọ̀, ó di 66.