Bí mo ṣe gbé orin kan kúrò ní kíì A wá sí kíì G kí ténọ̀ àti báàsì lè jọ mí

Orin kan wà tí mo fẹ́ kí kúáyà wa kọ, ohùn mẹ́rin, kíì A ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣáàpù mẹ́ta níwájú ẹ̀. Àwa méjìlélógún la máa kọ ọ́: sópránò mẹ́jọ, áltò mẹ́fà, ténọ̀ mẹ́rin, báàsì mẹ́rin. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́, àmọ́ bá a ṣe dé ègbè báyìí gbogbo ẹ̀ dàrú. Àwọn sópránò ń han, àwọn ténọ̀ ń na ọrùn sókè bí adìẹ tó ń mumi, ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ dákẹ́ pátápátá ó kàn ń la ẹnu.

Kò ṣòro láti mọ̀ pé kíì yẹn ga jù fún wa. Ibi tó wá le ni iye tó yẹ ká fi wálẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Ohun tí mo ṣe ni pé sópránò nìkan ni mo gbọ́ tiwọn, bóyá torí pé àwọn ni ariwo wọn pọ̀ jù. Mo ní kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wa fi bọ́tìnì `TRANSPOSE` sí -4, ìyẹn ni pé kíbọ́ọ̀dù á fi ààbọ̀ tóònù mẹ́rin wálẹ̀ fúnra ẹ̀, òun á ṣì máa tẹ A, àwa á máa gbọ́ F. Sópránò rẹ́rìn-ín, ténọ̀ mí kanlẹ̀, inú mi dùn. Àṣé báàsì ti sọnù. Níbi tí gbólóhùn parí sí, níbi tó yẹ kí ilẹ̀ mì díẹ̀, atẹ́gùn lásán là ń gbọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà tún rí bákan, sópránò ń kùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àti pé nígbà tá a kọ ọ́ láìsí kíbọ́ọ̀dù, ká tó parí ẹsẹ̀ kejì ohùn ti rọra ń jò sílẹ̀ kúrò ní F. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: tí orin bá bọ́ sísàlẹ̀ jù fáwọn èèyàn, wọn kì í lókun láti gbé e dúró.

Mo wá padà sílé, mo jókòó, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú.

Mo mú pépà kan, mo kọ nótì tó wà nísàlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù fún ohùn kọ̀ọ̀kan. (Nọ́ńbà tí mò ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kàn ń sọ ipele tó wà ni o: C4 ni C tó wà láàárín píánò, C5 ni C tó tẹ̀lé e lókè, C3 ni tìsàlẹ̀.) Ní kíì A, sópránò bẹ̀rẹ̀ láti E4 dé A5. Áltò láti C#4 dé C#5. Ténọ̀ láti E3 dé A4. Báàsì láti A2 dé C#4. Ẹ ṣọ́ ténọ̀ o, tó bá jẹ́ sitáàfù kan náà pẹ̀lú ti sópránò ni wọ́n kọ ọ́ sí, ohun tó máa jáde lẹ́nu ọkùnrin á fi ipele kan relẹ̀ sí ohun tójú rí lórí pépà. Ẹni tí kò bá mọ̀yẹn á rò pé wọ́n ní kí ténọ̀ kọ A5, á sì sáré gbé orin wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nótì tó ga jù nìkan kọ́ lẹ máa wò ṣá. A5 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sópránò kàn án nínú ègbè, ohun tó sì ń pa wọ́n gan-an kì í ṣe òun. Mo ka nótì ègbè yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé orí sò àti là ni wọ́n ń gbé jù, ìyẹn E5 àti F#5 ní kíì A. Agbègbè yẹn gan-an ni ohùn ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò fi orin kíkọ ṣiṣẹ́ ti máa ń yí padà, ohùn àyà ò dé ibẹ̀ mọ́, ohùn orí ò sì tíì jókòó dáadáa. Èèyàn lè fò kan òkè kó sọ̀kalẹ̀, àmọ́ kó máa gbé orí ibi ìyípadà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ègbè dé òpin ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní han.

Nígbà tá a tún pàdé, mo dán ohùn wọn wò ní abala-abala. Mo ní kí wọ́n kọ dò re mí fà sò, kí wọ́n padà wálẹ̀, pẹ̀lú "aa" lásán, mo ń fi ààbọ̀ tóònù gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbé e wálẹ̀. Òfin mi ni pé nótì tí wọ́n bá pariwo kí wọ́n tó kàn, mi ò kà á. Èyí tí ẹni tí ohùn ẹ̀ kéré jù nínú abala náà lè kọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo kọ sílẹ̀. Sópránò: C4 dé F5, wọ́n lè fọwọ́ kan G5 kí wọ́n sáré padà. Áltò: G3 dé C5. Ténọ̀: C3 dé F4, G4 ti di igbe. Báàsì: G2 dé C4. Nínú báàsì mẹ́rin yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni F2 ẹ̀ ń dún, àwọn mẹ́ta tó kù ń mí lásán ni. Ìdí nìyẹn tí báàsì fi sọnù ní kíì F, torí A2 inú pépà ti di F2.

Látibẹ̀ báàsì ló ń pàṣẹ. G2 ni òpin wọn, nótì ìsàlẹ̀ wọn nínú orin náà sì ni dò, torí náà dò ò lè kọjá G. Ìyẹn ni pé tóònù kan péré ni mo lè fi wálẹ̀, láti A sí G. (F# wà láàárín G àti F lóòótọ́, àmọ́ kò gba báàsì là, àti pé ṣáàpù mẹ́fà lójú ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wa, ẹ jẹ́ ká má dán an wò.) Ní kíì G, sópránò á lọ láti D4 dé G5, ibi tí wọ́n ń gbé nínú ègbè á di D5 àti E5, ìyẹn dáa. Áltò á di B3 dé B4, wọn ò níṣòro kankan. Báàsì G2 dé B3, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ténọ̀ nìkan ló kù: D3 dé G4, G4 yẹn ṣì jẹ́ igbe.

Ká ní mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí ni, mi ò bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíì míì kiri. Kò sí kíì náà. Èyí tó bá tẹ́ ténọ̀ lọ́rùn á sin báàsì. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, orin ò tún ní kíkó wálẹ̀ mọ́, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe pín nótì fún ohùn ni.

Mo wá ibi tí ténọ̀ ti ń kàn G4 yẹn, mo rí i pé ibì kan ṣoṣo ni, ìparí ègbè. Kọ́ọ̀dù méjì ni. Ní kíì G, àkọ́kọ́ ni báàsì D3, ténọ̀ F#4, áltò A4, sópránò D5. Ìkejì ni báàsì G2, ténọ̀ G4, áltò B4, sópránò D5 kan náà. Ẹ wò ó, ténọ̀ ń lọ láti tì sí dò, áltò ń lọ láti re sí mí, àwọn ohùn mẹ́ta òkè fún pọ̀ bí ẹni wà nínú bọ́ọ̀sì, àlàfo ńlá wá wà láàárín ténọ̀ àti báàsì. Mo kàn pààrọ̀ wọn: mo fún áltò ní F#4 lọ sí G4, mo mú re àti mí ti áltò, mo fi ipele kan gbé e wálẹ̀ fún ténọ̀, A3 lọ sí B3. Kọ́ọ̀dù kan náà ni, nótì kankan ò sọnù, tì ṣì ń bọ́ sórí dò bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé sópránò sí áltò, áltò sí ténọ̀, kò ju ipele kan lọ láàárín wọn, tiwa ò jù ú. Pẹ̀lú ìyẹn, nótì tó ga jù fún ténọ̀ nínú gbogbo orin náà di E4.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ò pẹ́. Fún àwọn tó ń ka sọ́fà, kò sí nǹkan láti yí padà àfi "kíì A" tó wà lókè pépà tó di "kíì G", àti ibi tí mo ti pààrọ̀ áltò àti ténọ̀ yẹn. Fún àwọn tó ń ka sitáàfù, gbogbo nótì fi ìlà tàbí àlàfo kan sọ̀kalẹ̀, ṣáàpù mẹ́ta iwájú di ẹyọ kan. Ibi tó máa ń mú èèyàn ni àmì tó bá já lójijì láàárín orin. D# tó wà lẹ́sẹ̀ kejì di C#, ṣáàpù di ṣáàpù, ó rọrùn. Àmọ́ F nátúrà kan wà níbẹ̀, ìyẹn là tí wọ́n fi ààbọ̀ tóònù fà sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn da àmì nátúrà yẹn kọ, ẹ máa ní E nátúrà, ó sì ti gbòdì, torí E♭ ló yẹ kó jẹ́. Nátúrà di fúláàtì. Ẹ má tẹ̀ lé àmì, bi í léèrè pé nótì yìí jìnnà sí dò tó báwo.

Ìgbà tá a wá kọ ọ́ pẹ̀lú pépà tuntun, báàsì tún sọnù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mo rò pé mo ti dán ohùn wọn wò lásán. Mo mú fọ́ọ̀kì A 440 mi jáde, mo gbá a lórúnkún, mo gbé e sétí, mo ní kí wọ́n tẹ re kíì G fún mi, torí re kíì G ni A. Kò bára mu. Ẹni tó ń dán nǹkan wò lórí kíbọ́ọ̀dù kó tó di pé a dé ti fi bọ́tìnì `TRANSPOSE` sílẹ̀ sí -2, pépà wa wà ní G, kíbọ́ọ̀dù ń dún F. A dá a padà sí 0, báàsì sì padà dé. Látìgbà yẹn, n kì í bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbá fọ́ọ̀kì.

G5 kan ṣoṣo tó kù fún sópránò, ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí ẹ̀ ní "ii" nínú, ẹnu wọn sì ń há lórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n la àgbọ̀n sílẹ̀, kí "ii" yẹn fẹ̀ sí bí "ẹẹ" díẹ̀ lórí nótì yẹn nìkan. Ẹni tó jókòó níwájú ò mọ̀ pé nǹkan yí padà, ó ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà.