Ọ̀gá ní kí n mú ẹ̀rí àìsàn wá: kí ni kí n fèsì?

Ìbéèrè: Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kẹ́mísìtì ni mo lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n sì fún mi lóògùn. Lọ́jọ́ kejì, mánéjà kọ ọ́ sí mi lórí Wásáàpù pé: "Ṣé ọjọ́ Ajé nìkan ni ibà mọ̀ ọ́n mú ẹ ni? Mú ẹ̀rí wá." Inú bí mi gan-an. Kí ni kí n fèsì?

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ni wọ́n sọ sí yín: ọ̀kan dun yín, èkejì ń béèrè nǹkan. Èyí tó ń béèrè nǹkan ni kí ẹ dáhùn. Tí ẹ bá gbá èyí tó dùn yín mú, ọ̀rọ̀ ibà yóò di ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí, ẹ̀rí tí wọ́n sì béèrè kò ní tíì dé ọwọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má búra. "Ọlọ́run ló mọ̀", "mo fi ọmọ mi búra", irú èyí ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa bí wọ́n bá pè wá ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ìwé, tí a wá búra fún, yóò gbà pé kò sí ìwé ni. Ẹ má sì ròyìn èébì, òtútù àti ẹni tó gbé yín lọ sí kẹ́mísìtì. Bí àlàyé bá ṣe gùn tó ni ibi tí wọ́n ti lè tún bi yín léèrè ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Rìsíìtì tó ní déètì ọjọ́ Ajé wúlò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi sọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ara yín ò yá wúlò pẹ̀lú, torí aago wà lára rẹ̀. Fọ́tò ike àyẹ̀wò ibà, èyí tó fi ìlà méjì hàn, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára: kò sí orúkọ lára rẹ̀, ti ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Ẹ padà lọ bi kẹ́mísìtì náà bóyá wọ́n lè kọ èsì àyẹ̀wò yín sórí ìwé wọn, pẹ̀lú orúkọ, déètì àti òǹtẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kẹ́mísìtì ni mo lọ lọ́jọ́ Ajé, mi ò rí dókítà, torí náà mi ò ní ìwé dókítà. Rìsíìtì àyẹ̀wò àti ti oògùn nìyí. Tí kò bá tó, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí ilé iṣẹ́ máa ń gbà."

"Mi ò ní ìwé dókítà" ló ṣòro jù láti kọ, òun náà ló sì ń mú kí wọ́n gba ìyókù gbọ́, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó wá a rí. Ní ti ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ fi í sílẹ̀ lórí Wásáàpù. Tí wọ́n bá tún sọ ọ́, ẹ ní kí ẹ jọ jókòó wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ kò wá, ẹ̀yin méjì péré.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi mọ nọ́ọ̀sì kan tó lè bá mi gba ìwé tó ní déètì ọjọ́ Ajé.

Ìdáhùn: Rárá o. Ilé iṣẹ́ lè pe ọsibítù náà, kí wọ́n sì béèrè nọ́ńbà káàdì yín. Tí wọn ò bá rí i, ibà tó mú yín lóòótọ́ yóò di ẹjọ́ ìwé ayédèrú, èyí sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Tí ara yín ò bá tíì yá, ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ọjọ́ tó rí yín ni yóò kọ, ó sì lè fi kún un pé ẹ ní láti ọjọ́ Ajé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n gba rìsíìtì, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní sanwó ọjọ́ náà. Ṣé wọn ò gbà mí gbọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbà yín gbọ́. Abala 16 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí wọ́n sanwó àìsàn fún òṣìṣẹ́ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún kan, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Rìsíìtì kẹ́mísìtì kò ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó wà nípò alákòóso kò sí lábẹ́ òfin náà. Ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ni kí wọ́n wò. Tí àìsàn bá tún mú yín, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti gba ìwé tó sọ iye ọjọ́ tó ní kí ẹ fi sinmi. Ẹ lè ní kó má dárúkọ àìsàn náà sínú rẹ̀.