Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Tú Àṣírí Ẹni Tó Ń Pòwe Mọ́ni

Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìlù yìí gan-an ni ẹni tó ń pòwe mọ́ ènìyàn ń lù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó yé e, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ibi tí yóò ti di ẹni tó pa á mú. Bí ó bá ti rí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní òwe, ó di èébú, bí wọ́n sì ṣe ń bá ẹni tó bú àgbà ní gbangba wí ni wọn yóò ṣe bá ọ wí.

Nǹkan méjì ló ń bo ẹni tó ń pòwe. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, àwọn àgbà ló ni ín. Èkejì ni pé nǹkan mìíràn wà nílẹ̀ tí òwe náà lè máa tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó ń kó èèyàn síta, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ló ń bà jẹ́.

Ká wo ìpàdé ẹbí kan. Ọmọ ìyá márùn-ún dá ₦20,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan láti fi tún òrùlé ilé bàbá wọn ṣe. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àgbà ni owó náà wà. Ọdún kan ti kọjá, ilé ṣì ń jò, ẹ̀gbọ́n kò sì sọ ohun tó fi owó ṣe. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ owó yìí lọ́wọ́ ni àbúrò kan ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Òwe yẹn bá ọ̀rọ̀ mu, àbùkù rẹ̀ sì nìyẹn: ó bá a mu jù. Àgbà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ owó náà kàn. Ìjẹ tí òwe sọ, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí owó jíjẹ. Bí ẹ̀gbọ́n bá bi í pé, "Ṣé èmi lò ń bá wí?", kò sí ibòmíràn tí àbúrò lè na ìka sí.

Ẹ jẹ́ ká gbé òwe kan náà sí ibòmíràn nínú ìpàdé kan náà. Ọ̀rọ̀ owó ti rọlẹ̀, wọ́n ti gbé oúnjẹ wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ti kó gbogbo ẹran inú àwo, àbúrò rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún ń wò ó. Ẹni tó fẹ́ pòwe yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Gbọ́, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ." Àgbà ni ọmọ yẹn lójú àbúrò rẹ̀, jíjẹ ló sì ń jẹ lóòótọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú òwe náà tí kò bá ọmọ yẹn mu. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gbọ́. Bí ó bá bèèrè, ẹran tí ọmọ náà kó wà nílẹ̀ láti nawọ́ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣì níbí ni pé wọ́n á kọ́kọ́ pòwe, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọn yóò fi bò ó. Ohun tí òwe yóò sá sí gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí òwe tó jáde. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí ojú ẹ̀gbọ́n ti korò ló ń nawọ́ sí ọmọ kékeré, irọ́ rẹ̀ ti hàn. Ẹ má sì jẹ́ kí àárín ọ̀rọ̀ owó àti òwe jìnnà jù, nítorí bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí a ń bá wí á gbọ́ ọ ní ti ẹran lásán.

Àṣìṣe kan tún wà tó dùn mí púpọ̀, nítorí ó ń ba òwe fúnra rẹ̀ jẹ́: kí èèyàn máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé òwe. "Àgbà tó jẹ owó ilé ní àjẹìwẹ̀yìn" kì í ṣe òwe mọ́. Ọ̀rọ̀ tí o fi kún un, ìwọ lo ni ín, àwọn àgbà kò lè bá ọ gbé e. Pa á bí wọ́n ṣe ń pa á. Bákan náà ni ìrù tí àwọn kan máa ń so mọ́ ọn: "Kí ẹni tó mọ ara rẹ̀ gbọ́ o!" Gbólóhùn yẹn ti jẹ́wọ́ pé ẹnì kan wà. Ojú náà ń jẹ́wọ́, bí ó bá bọ́ sára ẹni tí a ń bá wí nígbà tí ẹnu ń pa òwe. Ọmọ tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni kí ojú wà lára rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán.

Kí o tó lanu, wo aṣọ àti ara àwọn tó jókòó. "Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà" dára fún àgbà tó ń ṣe bí ọmọdé, àmọ́ bí àgbà náà bá wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ yẹn, o ti dárúkọ rẹ̀. Òwe tó bá ní arọ tàbí afọ́jú nínú, má pa á níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn lo ń bá wí. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Wo àwọn tó ju ẹni náà lọ pẹ̀lú. Bí ìyá bá wà ní ìpàdé, "àgbà" inú òwe lè bà á, torí ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.

Níwájú àgbà, má gbàgbé "Tótó ó ṣe bí òwe o." Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ìtẹríba, èsì rẹ̀ ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ dé hàn ọ́. Bí wọ́n bá ní, "Wàá rí òmíràn pa," wọ́n ti gbà á ní òwe, ó sì ṣòro fún wọn láti tún padà pè é ní èébú. Bí ẹni tí o ń bá wí bá dákẹ́ níbi tí àwọn tó kù ti dáhùn, ó ti yé e. Má tún pa òmíràn. Òwe méjì lórí ọ̀rọ̀ kan náà ti di ìjà.

Bí ó bá bi ọ́ léèrè, má búra, má rẹ́rìn-ín, má sì ṣàlàyé gùn. "Ẹran tọ́mọ yìí kó ni mo ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi" ti tó. Ó sì lè má bèèrè rárá, kó kàn ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ó ti gba tirẹ̀, ó sì ti san án padà láìjẹ́ kí ìpàdé dàrú. Tẹríba díẹ̀ níbi tí o jókòó sí, sọ pé "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi," kí o wá bi àwọn ará ilé léèrè iye tí wọ́n ń ta páànù báyìí.