Ọ̀dọ́ tó ń gbowó oṣù: ẹ jẹ́ kí ṣíà pọ̀ jù nínú owó ọjọ́ ogbó yín

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbowó oṣù l'Ábújá, bí ẹ ò bá tíì pé 40, ẹ jẹ́ kí ìdá 80 nínú 100 owó tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ fúnra yín de ọjọ́ ogbó wà nínú ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́. Owó oṣù tó ń bọ̀ ló máa dí ihò tí ṣíà bá gbẹ́. Ká ní ₦500,000 lẹ ní, tẹ́ ẹ sì ń fi ₦30,000 kún un lóṣooṣù. Ṣíà yín jẹ́ ₦400,000. Bó bá já wálẹ̀ ní ìdá 40, ₦160,000 ló lọ, kò sì tó oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ máa fi rí i dí. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 58 tó ní mílíọ̀nù 20 náírà, tí ìdá 80 rẹ̀ wà nínú ṣíà, tó sì ń fi ₦30,000 kan náà kún un lóṣooṣù, máa pàdánù mílíọ̀nù 6.4, ó ju ọdún 17 lọ kó tó dí i! Nítorí náà, láti 40, ẹ máa darí owó tuntun sí bọ́ǹdù ìjọba, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá ìjọba tó ń mú èlé wá, kí ṣíà sún mọ́ ìdá 60 nínú 100 nígbà tẹ́ ẹ bá pé ọdún 50, àti ìdá 30 nígbà ìfẹ̀yìntì. Owó ilé ọdún tó ń bọ̀ ní Kúbwà kò sí nínú ìṣirò yìí o, ẹ má fi ra ṣíà.