Egbò ìdùbúlẹ̀: bí a ṣe ń rí i kó tó là, àti bí a ṣe ń gbé arúgbó kúrò lórí rẹ̀

Arúgbó tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń dá egbò sí i lára. Níbi tí eegun bá ti yọ, awọ àti ẹran á há sáàárín eegun àti tìmùtìmù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè gba ibẹ̀ kọjá, ẹran náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí mélòó kan. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, ni ìnira yìí ti máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí awọ bá fi máa là, abẹ́ rẹ̀ lè ti bàjẹ́ tipẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó kò gbọ́dọ̀ máa retí kí egbò yọjú.

Wíwo ara láàárọ̀ àti lálẹ́

Ìgbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ tàbí tí ẹ bá ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ló rọrùn jù láti wò ó. Ẹ wo òkè ìdí níbi tí eegun ẹ̀yìn parí sí, gìgísẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, kókósẹ̀, ìgúnpá, eegun èjìká, ìpàkọ́ àti etí. Bó bá jẹ́ pé ibi méjì péré lẹ ráyè wò, kó jẹ́ òkè ìdí àti gìgísẹ̀, torí ibẹ̀ ni egbò yìí ti wọ́pọ̀ jù.

Bí ẹ bá rí ibi tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ẹ sì gbé ìka kúrò. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi tí kò tíì ní nǹkan kan á funfun díẹ̀ kó tó tún pọ́n padà. Ibi tí ewu ti dé á pọ́n síbẹ̀ láìyí padà. Lára ẹni tó dúdú, àyẹ̀wò yìí máa ń tanni jẹ, torí pípọ́n náà kì í hàn. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ibẹ̀, kí ẹ sì fi wé awọ tó wà nítòsí rẹ̀ tàbí ibi kan náà ní apá kejì ara: ṣé ó gbóná jù ú lọ, àbí ó tutù jù ú lọ? Ṣé ó le, àbí ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀? Ṣé ó ń dán, tàbí ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ? Ṣé arúgbó náà ń fà sẹ́yìn bí ẹ bá fọwọ́ kàn án? Ọ̀kan nínú wọn ti tó láti gbé e kúrò lórí ibẹ̀.

Ìpele tó wà, bí ojú ṣe ń rí i

Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ni ìpele kìíní: awọ kò tíì là. Ní ìpele kejì, òkè awọ ti bó, egbò náà kò jìn, ó pọ́n, ojú rẹ̀ sì lómi, tàbí kó jẹ́ ìléròrò tó kún fún omi. Ní ìpele kẹta, awọ ti jẹ tán, ihò ti wà, ẹ sì lè máa rí ọ̀rá. Ìpele kẹrin ni ibi tí iṣan tàbí eegun ti hàn tàbí tí a ti lè fọwọ́ kàn án.

Oríṣi méjì wà tí kò bá èyí lọ. Bí èépá dúdú tàbí nǹkan yẹ́lò bá bo ojú egbò, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe jìn tó, àfi kí wọ́n ṣí i. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Pàápàá èépá gbígbẹ tó lẹ̀ pinpin mọ́ gìgísẹ̀, nọ́ọ̀sì sábà máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ni ojú ibi tó dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ, tí awọ náà kò là. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ó kàn fara gbá nǹkan ni, àmọ́ ó lè di ihò jíjìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí a ṣe ń yí i

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá arúgbó kan tó wọn kílò 50, tí apá òsì rẹ̀ ti rọ. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n rí ojú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ní òkè ìdí rẹ̀. Ó gbóná, ó le, awọ kò sì là. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n sì padà wò ó lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá ti rọlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ náà ló kàn pẹ́ jù. Àmọ́ ó ṣì wà bẹ́ẹ̀: ìpele kìíní nìyẹn, ìyá kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ títí ojú náà á fi lọ.

Tìmùtìmù lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń yí i: mẹ́jọ, ọ̀tún, mẹ́wàá, òsì, méjìlá, ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lè mọ ibi tó kàn. Bí apá òsì tó rọ yìí bá ń tètè pọ́n, àkókò ibẹ̀ á kúrú. Tìmùtìmù tí a dìídì ṣe láti pín ìwúwo ara lè jẹ́ kí àlàfo náà gùn sí i, àmọ́ kò rọ́pò yíyí.

Ẹ má tẹ́ ẹ lé eegun ìbàdí gan-an. Ìyẹn kàn ń gbé egbò láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ẹ ti ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ kí ara rẹ̀ tẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 30, kí ẹ wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkè ìdí: bí eegun kò bá tẹ ọwọ́ yín, ó ti dára. Ẹ fi ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún. Ẹ tẹ́ òmíràn sábẹ́ ojúgun láti orúnkún sísàlẹ̀, kí gìgísẹ̀ máa léfòó. Bébà gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Wíwọ́ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń fa awọ ya. Ẹni méjì ni kó di aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n fi gbé e sókè. Bí orí bẹ́ẹ̀dì bá ga ju dígírì 30 lọ, ìdí á máa yọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ gbé e ga kí ó fi jẹun, kí ẹ sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá ti lọ tán, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù. Òrùka rọ́bà tàbí aṣọ tí a ká bí òṣùká kì í gba ìdí là. Etí rẹ̀ ló ń fún ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ ra ibi tó ti pọ́n, torí ẹran tó ti ń kú lábẹ́ ni ẹ ń fọ́ sí i.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń rọ awọ débi tó fi ń tètè là. Ẹ pààrọ̀ ìlédìí ní kété tó bá ti tutù, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ máa fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ dípò fífi ra á, kí ẹ wá fi básílínì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á.

Ẹran ara tún nílò purotéènì láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Fún ẹni tó wà nínú ewu yìí, ìwọ̀n gíráàmù 1.25 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń dá lábàá lóòjọ́. Fún ìyá tiwa, nǹkan bí gíráàmù 63 sí 75 nìyẹn. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6, nítorí náà ẹyin nìkan kò lè tó. Ẹ pín in sínú ẹja, wàrà, ẹ̀wà àti ẹran rírọ̀ jálẹ̀ ọjọ́. Bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dáa, dókítà ni kó sọ iye rẹ̀.

Bí ojú náà kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí bí awọ bá là, ó ti di ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Kí ó tó dé, ẹ fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn ṣan án, kí ẹ sì fi báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò bò ó; ẹ má fi sípírítì sí i, torí ó ń jó ẹran tuntun. Bí ibà bá mú un, tí egbò ń rùn, tí ọyún ń jáde, tàbí tí àyíká rẹ̀ ń gbóná tó sì ń wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.