Mo tún "ma" ṣe nínú ímeèlì àdéhùn, ọ̀rọ̀ wá dojú kodò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Epo pupa là ń tà, ímeèlì àdéhùn kan ló ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà wa. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ọ̀gá mi wá ní kí n tún gbogbo "ma" ṣe. Mo bá fi Google Docs pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ sí "máa" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo kà á padà, àfi bíi pé a ní kí wọ́n ṣe nǹkan tá a ní kí wọ́n má ṣe.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ méjì ló fara pa mọ́ sínú "ma" yẹn. Ọ̀kan ni "má" tá a fi ń kọ̀ fún èèyàn, èkejì ni "máa" tá a fi ń sọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí kò sí àmì lórí ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ èyí tó ní lọ́kàn, kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: "E ma ko epo kuro lodo wa ki owo to wole." Ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn ni pé kò sí owó, kò sí epo. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ó di: "E máa ko epo kuro lodo wa ki owo to wole." Háà! Oníbàárà lè gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ ọ̀la, kó kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì lọ láìsan kọ́bọ̀, kó sì fi ímeèlì yín hàn yín pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ oníbàárà náà dáadáa, torí "ma" lè wà nínú orúkọ náà. Bó bá ń jẹ́ Makanjuola, "Replace all" á ti fi "máa" rọ́pò "Ma" iwájú ẹ̀. Àwọn òbí ẹ̀ ní kó má kánjú ọlá, ẹ̀yin ní kó máa kánjú ẹ̀ lọ! Ẹ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ká ní orúkọ ọ̀hún wà nínú àdírẹ́sì ímeèlì tẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà, ẹni tó bá kọ̀wé sí i kò ní rí i rán.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Ẹ padà sí èyí tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀ (ó wà nínú "Version history"), ẹ ṣí "Find and replace", kẹ́ ẹ máa tẹ "Next" kẹ́ ẹ ka odindi gbólóhùn kẹ́ ẹ tó tẹ "Replace" fún ìkọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ náà ni àpótí kékeré kan wà tó ń jẹ́ "Ignore Latin diacritics": tẹ́ ẹ bá fi àmì sínú àpótí náà, ojú kan náà ló máa fi wo má, mà àti ma, torí náà "má" tẹ́ ẹ ti fi ọwọ́ yín kọ dáadáa máa bá a lọ. Ẹ yọ àmì inú àpótí náà kúrò.

Èmi kì í tiẹ̀ fi má àti máa sílẹ̀ nínú lẹ́tà tí owó bá wà nínú ẹ̀ mọ́. "Ẹ kò gbọdọ̀ kó epo kúrò kí owó tó wọlé" ni mo máa kọ. Fóònù oníbàárà lè jẹ gbogbo àmì yẹn tán, ó máa ku "e ko gbodo", kò sì sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Ìbéèrè: Iye kẹ́ẹ̀gì kan kúrò ní 50,000, ó di 55,000. Mo ti pààrọ̀ ìyẹn níbi gbogbo, àmọ́ oníbàárà ń bínú pé owó ọkọ̀ náà ti gun òkè, bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kan owó ọkọ̀ rárá.

Ìdáhùn: Ṣé 150,000 ni owó ọkọ̀? Òun náà nìyẹn. 50,000 wà nínú ikùn 150,000, ìgbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ ti inú ló di 155,000.

Èyí tí kò yí padà tún wà, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ká ní kẹ́ẹ̀gì 60 ni. Tẹ́lẹ̀, epo jẹ́ 3,000,000, ẹ fi ọkọ̀ kún un, ó jẹ́ 3,150,000. Ní 55,000, epo di 3,300,000, pẹ̀lú ọkọ̀ ó di 3,450,000. Ṣùgbọ́n kò sí "50,000" nínú 3,000,000 tẹ́ ẹ máa wá rí, 3,150,000 sì ti di 3,155,000, àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ yín ṣírò méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ọ́ pé kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀, iye ìdajì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò ní 1,575,000, kó di 1,725,000. Iye tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ náà ńkọ́? "Mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ" ṣì jókòó síbẹ̀ láìmì, torí ẹni tó ń wá nọ́ńbà ò ní rí i.

Ìbéèrè: Akọ̀wé wa ka "A ò ní ṣàì san owó kẹ́ẹ̀gì tó bá jò", ó ní "ṣàì" yẹn ò dùn létí, ó bá yọ ọ́. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú o. "A ò ní ṣàì san án" túmọ̀ sí pé dandan ni ẹ máa san án. Ìkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń pa èkejì. Ẹ yọ ọ̀kan, ó ku "A ò ní san owó kẹ́ẹ̀gì tó bá jò", ẹ ti kọ gbèsè tẹ́ ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá dùn mọ́ ọn létí, ìkọ̀ méjèèjì ni kó yọ: "A máa san owó kẹ́ẹ̀gì tó bá jò." Bẹ́ẹ̀ náà ni "owó ò tíì wọlé", tí "tíì" bá jáde níbẹ̀ ó di pé owó ò wọlé, ìyẹn ti dà bí ẹ̀sùn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti péye kí n tó tẹ "Send"?

Ìdáhùn: Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀ pa mọ́, kẹ́ ẹ lọ sí "Tools", kẹ́ ẹ tẹ "Compare documents", ó máa fi gbogbo ibi tó yàtọ̀ hàn yín. Gbogbo ibi tó bá fi hàn tí ọ̀gá yín ò ní kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ bi ara yín pé kí ló gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó yí padà tí kò yí, bí owó epo 3,000,000 yẹn, kò lè fi hàn yín. Ẹ fa gbogbo ìkọ̀, nọ́ńbà àti orúkọ jáde sórí bébà, tẹ́lẹ̀ lápá kan, tuntun lápá kejì.

Orúkọ, ẹ má fi etí tún un ṣe. Tó bá jẹ́ Shade ló fi buwọ́ lu àdéhùn, ẹ má sọ ọ́ di Ṣadé. Orúkọ ákáǹtì náà, bí bánkì ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ dà á kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ kó kà á, kẹ́ ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n ní kí oníbàárà ṣe, kí ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe, èló ló máa san?" Tó bá ń ṣiyèméjì, ẹ padà sí gbólóhùn yẹn.

Ìbéèrè: Ó ti lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Gmail ò fún yín ju 30 ìṣẹ́jú-àáyá lọ láti tẹ "Undo", tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti ṣètò ẹ̀ sí 30. Tó bá ti kọjá, ẹ má kàn fi ímeèlì tuntun ránṣẹ́ láìsọ nǹkan kan, torí méjèèjì ló máa wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ dáhùn lórí èyí tó lọ yẹn gan-an: "A ṣì í kọ. A kọ ọ́ pé 'Ẹ máa kó epo kúrò kí owó tó wọlé'. Ohun tá a ní lọ́kàn ni pé ẹ kò gbọdọ̀ kó epo kúrò kí owó tó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn pé ẹ ti rí i." Kẹ́ ẹ pè wọ́n lórí fóònù pẹ̀lú, kí wọ́n tó rán dírẹ́bà.