Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ nóòtì kíláàsì di ìwé àtúnyẹ̀wò

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé ìwé àtúnyẹ̀wò rẹ̀ wá bá mi nígbà tí ìdánwò sítátísíìkì rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Yíǹkì pupa ló fi kọ àkọlé, gbogbo ìtumọ̀ wà nínú àpótí, kò sì sí ibi tí ó ti fagi lé ohunkóhun. Mo fún un ní nọ́mbà márùn-ún pé kí ó bá mi wá fáríáǹsì wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe fọ́n kálẹ̀ sí: 4, 6, 8, 10, 12. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ṣírò, ó ní 8 ni. Ó ṣí ojú ìwé kẹsàn-án, ó rí ọ̀nà mìíràn níbẹ̀, ó tún ṣírò, ó di 10. Ó wá ń wo ojú mi.

Mo ní kí ó fi nóòtì tí ó kọ nínú kíláàsì gan-an hàn mí. Ó rí wúruwùru lóòótọ́, ọfà ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ìdáhùn wà níbẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: “sáńpù ni o, kì í ṣe gbogbo wọn!” Nígbà tí ó ń dà á kọ, kò rí ibi tí yóò fi gbólóhùn yẹn sí, ló bá fò ó. Ohun tí olùkọ́ fẹnu sọ tí kò kọ sójú pátákó ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì kọ́kọ́ sọnù. Láti ara ìwé yìí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí àṣìṣe inú rẹ̀ ni mo ń rí nínú ìwé ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Má ṣe tò ó bí olùkọ́ ṣe kọ́ ọ

Olùkọ́ rẹ̀ kọ́ wọn ní fáríáǹsì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣírò ló wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọ́n fi iye nọ́mbà náà, ìyẹn n, pín in. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, díẹ̀ tí wọ́n bù lára ọ̀pọ̀, ìyẹn sáńpù, ni wọ́n ń lò, wọ́n sì fi n − 1 pín in. Nínú ìwé tuntun, ẹ̀kọ́ méjèèjì di “Fáríáǹsì I” àti “Fáríáǹsì II”, ojú ìwé méje sì wà láàárín wọn. Àkọlé bẹ́ẹ̀ kò sọ ìyàtọ̀ kankan. Ọjọ́ tí a kọ́ ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ń sọ, ìdánwò kò sì ní bi ọ́ léèrè ọjọ́.

Kí o tó kọ ohunkóhun sínú ìwé tuntun, mú pẹ́ńsù, ka nóòtì rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fi àmì kan náà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà, ìbáà jẹ́ oṣù kan ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, kó àwọn tí àmì wọn bára mu sí abẹ́ àkọlé kan. Níbi tí méjì bá ti dà bí ẹni ń ta ko ara wọn, dúró níbẹ̀. Àkọlé rẹ ni ìjà yẹn. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí yẹ kí ó jẹ́: “Ìgbà wo ni mo ń fi n pín fáríáǹsì, ìgbà wo ni mo ń fi n − 1 pín in?” Bí o bá fọwọ́ bo ohun tí ó wà lábẹ́ àkọlé bẹ́ẹ̀, nǹkan wà tí o lè gbìyànjú láti dáhùn. Bí o bá fọwọ́ bo ohun tí ó wà lábẹ́ “Fáríáǹsì II”, kò sí ẹni tí ó bi ọ́ ní ohunkóhun.

Má ṣe kọ ìtumọ̀ láìkọ ìgbà tí ó bá a mu

Inú àpótí rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé: “Fáríáǹsì ni bí nọ́mbà ṣe fọ́n kálẹ̀ sí.” Kì í ṣe irọ́, àmọ́ èèyàn kò lè fi ṣe ìṣirò. Ìtumọ̀ tí ó wúlò ní láti sọ ohun mẹ́ta: ohun tí nǹkan náà jẹ́, ìgbà tí a ń lò ó, àti ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣì í mú fún. Bí a ṣe tún tirẹ̀ kọ nìyí:

“Wá ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín nọ́mbà kọ̀ọ̀kan àti míìnì. Fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí nọ́mbà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ odindi ohun tí ìbéèrè ń béèrè nípa rẹ̀, fi iye wọn pín in. Àmì rẹ̀ ni σ². Bí ó bá jẹ́ sáńpù, tí o fẹ́ fi díwọ̀n odindi tí o kò rí, fi n − 1 pín in. Àmì rẹ̀ ni s². Má ṣe ṣì í mú fún sítáńdáàdì dífíéṣọ̀n, èyí tí í ṣe gbòǹgbò rẹ̀.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bí” nínú rẹ̀ ni ìdánwò máa ń dán wò. Ẹni tí ó bá gé wọn kúrò kí àpótí lè rẹwà ti gé máàkì kúrò.

Má ṣe da ìdáhùn kọ kí o sì pè é ní àpẹẹrẹ

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣiṣẹ́ kára gan-an ló máa ń ṣe é. Lábẹ́ “Fáríáǹsì II”, ohun tí ó kọ kò ju èyí lọ:

```
x̄ = 8
Σ(x − x̄)² = 40
s² = 40/4 = 10
```

Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n níbo ni 4 tí ó wà nísàlẹ̀ ti wá? Nọ́mbà márùn-ún ni a ní. Bí a bá fún un ní nọ́mbà méje lọ́jọ́ ìdánwò, yóò ha tún fi 4 pín in bí? Ohun tí ó dà kọ ni àbájáde ìrònú olùkọ́. Ìrònú náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

A jókòó, a tún un ṣe, a sì kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ 4, 6, 8, 10 àti 12 jẹ́ 40. A fi 5 pín in, míìnì jẹ́ 8. (Ẹ kíyè sí i pé 40 yìí kì í ṣe 40 tí ó ń bọ̀ níwájú, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ó sì ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́nà lẹ́ẹ̀kan.) Ìyàtọ̀ wọn sí 8 ni −4, −2, 0, 2 àti 4. Ìdí tí a fi ń fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ hàn níbí: bí a bá kàn rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, òdo ni yóò jáde, nọ́mbà yòówù kí a lò. Tí a bá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n di 16, 4, 0, 4 àti 16, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 40.

Ó wá ku 4 yẹn. Mo ní kí ó díbọ́n pé míìnì odindi tí a kò rí kì í ṣe 8, pé 7 ni. Ìyàtọ̀ nọ́mbà márààrún sí 7 ni −3, −1, 1, 3 àti 5. Fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí o rò wọ́n pọ̀, ó di 45. Ó gbìyànjú 9, 45 náà ló tún rí. Kò sí nọ́mbà tí a lè fi rọ́pò 8 tí àròpọ̀ náà kò ní ju 40 lọ, nítorí ara nọ́mbà márùn-ún wọ̀nyí gan-an ni a ti fa 8 yọ, àárín wọn ló sì bọ́ sí. Nítorí náà, àfi bí míìnì odindi bá ṣe kòńgẹ́ 8, 40 kéré sí ohun tí à bá rí ká ní a mọ̀ ọ́n. Bí a bá wá fi 5 pín in, ìdíwọ̀n wa yóò máa kéré jù lápapọ̀. Fífi 4 pín in ló ń tún un ṣe. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ṣé ìdí tí a kì í fi ṣe é fún odindi nìyẹn? Torí míìnì rẹ̀ gan-an la ní?” Bẹ́ẹ̀ ni.

Àpẹẹrẹ nìyẹn: ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú “nítorí pé” tirẹ̀. Bí o kò bá lè kọ “nítorí pé” sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kan, o kò tíì mọ ìlà náà. Fi àmì sí i, kí o lọ béèrè.

Àpẹẹrẹ kan tí ó pé pérépéré wúlò fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan. Ní 1985, àwọn olùwádìí méjì, Sweller àti Cooper, fi hàn nínú ìṣirò áljẹ́bírà pé àwọn tí wọ́n ka àpẹẹrẹ tí a ti ṣe yọrí yanjú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kíákíá ju àwọn tí wọ́n kàn ń já a fúnra wọn lọ. Ṣùgbọ́n má ṣe dúró síbẹ̀. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú nọ́mbà mìíràn tí o fi ìlà ìkẹyìn sílẹ̀ láìkọ. Nínú ẹ̀kẹta, fi ìlà méjì ìkẹyìn sílẹ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, kọ ìbéèrè nìkan, kí ìdáhùn wà ní ẹ̀yìn ìwé. Ojú tí ó ń rí ìdáhùn máa ń tètè sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Má ṣe gba nóòtì rẹ gbọ́ láìdán an wò

Ọwọ́ tí ó ń sáré máa ń ṣèèṣì. Níbì kan nínú nóòtì rẹ̀, ó ti kọ fọ́múlà báyìí: `(Σ(x − x̄))²`. Àmì 2 bọ́ síta. Ó sì ti dà á kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tuntun pẹ̀lú yíǹkì tí ó dára. A fi nọ́mbà márùn-ún wa dán an wò, òdo ni ó mú jáde. Bí fáríáǹsì bá jẹ́ òdo, a jẹ́ pé gbogbo nọ́mbà náà dọ́gba, wọn kò sì dọ́gba. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé fọ́múlà ti bàjẹ́. Gbogbo fọ́múlà tí yóò wọ ìwé àtúnyẹ̀wò yẹ kí ó kọ́kọ́ gba irú ọ̀nà yìí kọjá, pẹ̀lú nọ́mbà kékeré tí o ti mọ ìdáhùn wọn. Ó tún ṣe é nínú Excel: `=VAR.P(4,6,8,10,12)` fún un ní 8, `=VAR.S(4,6,8,10,12)` fún un ní 10. Ojú ẹsẹ̀ ló kọ orúkọ méjèèjì sí abẹ́ àkọlé rẹ̀ tuntun.

Ní ti kálà, ọ̀kan tó. Lò ó fún ohun tí o ṣì ń ṣàṣìṣe lé lórí nìkan. Má sì ju nóòtì àtilẹ̀bá nù títí ìdánwò yóò fi kọjá, nítorí ibẹ̀ ni o máa padà sí bí ohun kan nínú ìwé tuntun kò bá yé ọ mọ́.

Ìwé tí ó gbé lọ kò rẹwà tó ti àkọ́kọ́. Ojú ìwé méjì péré ni fáríáǹsì gbà nínú rẹ̀: ìbéèrè kan lókè, ìtumọ̀ tí ó ní “bí” méjì, àpẹẹrẹ mẹ́rin tí ìlà wọn ń dín kù. Ó tún kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú nóòtì kíláàsì: “sáńpù ni o, kì í ṣe gbogbo wọn!”